Ẹ̀bẹ̀ fún Àfikún Ọgọ́ta Ọjọ́

Ìbàdàn, 29 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Tó Ń Rí sí Ìwọlé-Wọ̀de, Ẹ̀ka Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ọmọ Kétu ní Orílẹ̀-èdè Benin ni mí. Ìdìrókò ni mo gbà wọlé ní 14 Oṣù Keje, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà mi. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí òfin ECOWAS fún mi yóò pé ní 11 Oṣù Kẹwàá. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọgọ́ta ọjọ́ kún un.

Ọmọ mi obìnrin ló bí ìbejì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé wọn. Ojú ọgbẹ́ náà kò tíì jiná, kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ nílẹ̀. Bó bá ń fún Táyé lọ́mú, ọwọ́ mi ni Kẹ́hìndé ń wà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kò sí ẹlòmíràn. Ìwé dókítà wà nínú èyí.

Ilé wọn ni mò ń gbé, n kò sanwó ilé. Mo ní ₦480,000 ní báńkì. Ìwé àkáǹtì náà wà níbí. N kò ṣiṣẹ́ owó níhìn-ín, n kò sì ní ṣe é.

Ní Sátidé, 6 Oṣù Kejìlá, màá gba Ìdìrókò àti Pobè padà sí Kétu. Mo gbọ́dọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi kí ọjà Kérésì tó gbóná.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Abẹ̀ní Adékàmbí