Ìlànà Ìwé Àṣẹ fún Iṣẹ́ Iná àti Wíwọ Ibi Híhá ní Ilé Ìfúnpo Epo Pupa

1. Ẹni àti ibi tí ìlànà yìí kàn

Ìlànà yìí de gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìfúnpo yìí àti gbogbo agbaṣẹ́ṣe tí a bá pè láti ìta, ì báà ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n wá ṣe. Iṣẹ́ iná ni jíjó irin, fífi gáàsì gé irin, lílo gírńdà, àti iṣẹ́ mìíràn tí iná lè ta lára rẹ̀. Ibi híhá ni ibi tí ènìyàn lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí a kò kọ́ fún ènìyàn láti máa gbé, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Nínú ọgbà yìí, àwọn ni táǹkì ìdọ̀tí epo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkòkò irin mẹ́ta tí a fi ooru omi se ẹyìn, inú bọ́ílà, àká ekùrọ́, àti kòtò omi ẹ̀gbin ẹ̀yìn ilé. Kòtò yẹn kò ní òrùlé, síbẹ̀ ibi híhá ni a kà á sí.

Ìwé pupa ni ti iṣẹ́ iná, ìwé aláwọ̀ ewé ni ti ìwọlé. Ẹni tó bá fẹ́ jó irin nínú táǹkì gbọ́dọ̀ gba méjèèjì, nítorí ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì. Ìwé kọ̀ọ̀kan wà fún ṣífìtì kan péré, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Bí ṣífìtì bá yí padà, a ó gba ìwé tuntun.

2. Àwọn tó ń fọwọ́ sí i

Ọ̀gá ṣífìtì ló ń fúnni láṣẹ. Olórí àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ló ń gbà á. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ jẹ́ méjèèjì, kódà bí ènìyàn bá ṣọ̀wọ́n lọ́jọ́ náà. Kí ọ̀gá ṣífìtì tó fọwọ́ sí ìwé, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. A kì í fọwọ́ sí ìwé àṣẹ lórí tábìlì ọ́fíìsì.

3. Yíya ibi iṣẹ́ sọ́tọ̀

A ó tú epo àti ìdọ̀tí jáde kúrò nínú táǹkì, a ó sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́. Títi fáàfù pa nìkan kò tó, nítorí fáàfù tó ti gbó a máa jò láìdún. A ó tú páìpù tó wọlé sí táǹkì níbi ìsopọ̀ rẹ̀, tàbí kí a fi irin pẹlẹbẹ dí i. Gbogbo mọ́tò tó ń ro inú táǹkì ni a ó pa níbi tí iná mànàmáná ti ń wá, a ó fi àgádágodo tì í, a ó so káàdì ìkìlọ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà a ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀ wò láti rí i pé kò ṣiṣẹ́. Olúkúlùkù tó fẹ́ wọlé yóò fi àgádágodo tirẹ̀ sí i, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò sì wà nínú àpò tirẹ̀.

4. Wíwọn gáàsì

Ìdọ̀tí epo pupa tó bá jókòó pẹ́ a máa bà, a sì máa mú gáàsì wá. Èyí tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Mẹ́tíìnì, tí kò rùn rárá tó sì ń gbaná, fúyẹ́, ó sì ń gòkè. Ìdí nìyí tí a fi ń wọn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, láti ìta, kí ẹnikẹ́ni tó ti orí bọ ẹnu ọ̀nà. Imú kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n: bí gáàsì olóòórùn ẹyin bá ti pọ̀, ó máa ń pa agbára ìgbóòórùn, nítorí náà ẹni tó sọ pé “òórùn ti lọ” lè ti wà nínú ewu tó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tí ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi hàn kí a tó wọlé nìyí: O2, ìyẹn ọ́síjìn, láàárín 19.5 àti 23.5 nínú ọgọ́rùn-ún. H2S, gáàsì olóòórùn ẹyin yẹn, kò gbọdọ̀ tó 10 ppm, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. CO, gáàsì olóró inú èéfín tí kò rùn, kò gbọdọ̀ tó 25 ppm. Gáàsì tó ń gbaná kò gbọdọ̀ tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún LEL, ìyẹn ìwọ̀n tó kéré jù tí gáàsì fi lè gbaná nínú afẹ́fẹ́. Bí a bá fẹ́ tan iná níbẹ̀, LEL gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Afẹ́fẹ́ tó dára máa ń fi 20.9 hàn fún O2. Bí nọ́ńbà bá kéré sí èyí, a ó wá ohun tó fà á, kódà bó bá ṣì ga ju 19.5 lọ.

A ó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìsinmi tó bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àti nígbàkígbà tí a bá họ èépá ìdọ̀tí tó gan mọ́ ara irin. Gáàsì máa ń sá pamọ́ sábẹ́ èépá yẹn. Táǹkì tí ìwọ̀n rẹ̀ dára láàárọ̀ lè yí padà bí a bá họ èépá inú rẹ̀.

5. Iṣẹ́ iná

A ó kó gbogbo ohun tó lè jó kúrò títí dé mítà mọ́kànlá yíká. Ní ilé iṣẹ́ tiwa, ìhá ẹyìn ni kí a kọ́kọ́ wò. Ohun tí àwọn ìyá wa fi ń dáná kò yẹ kó wà nítòsí ẹni tó ń jó irin, ó sì máa ń fara pamọ́ sórí páìpù àti sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ohun tí a kò lè kó, kí a fi aṣọ tí kì í jó bò ó. Olùṣọ́ iná yóò dúró pẹ̀lú ohun èlò ìpaná méjì àti okùn omi tó ti ní omi nínú, kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò ṣọ́ ibẹ̀ fún wákàtí kan sí i.

Sílíńdà gáàsì kò gbọdọ̀ wọ inú táǹkì. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá jáde láti jẹun, kí wọ́n fa páìpù gáàsì náà jáde pẹ̀lú wọn. A kò gbọdọ̀ fi ọ́síjìn fẹ́ inú táǹkì. Fáànù ni a ó fi fẹ́ ẹ, ẹnu rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjú sí èéfín jẹnẹrétọ̀. Iná tí a fi ń ríran nínú táǹkì kò gbọdọ̀ ju fólítì 24 lọ.

6. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti ìdóòlà

Olùṣọ́ yóò kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti aago tó wọlé, yóò máa bá a sọ̀rọ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí ẹlòmíràn bá gba ipò rẹ̀. Ẹni tó wọlé yóò de bẹ́líìtì tó ní okùn. Ìkángun okùn náà yóò wà lára ẹ̀rọ ìfàgòkè tó dúró lẹ́nu táǹkì. Bí ẹni tó wà nínú bá dákẹ́, tàbí tí ẹ̀rọ ìwọ̀n gáàsì bá pariwo, olùṣọ́ yóò ké sí ikọ̀ ìdóòlà lórí rédíò, yóò sì máa fà á láti ìta. Olùṣọ́ kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Bó ti wù kó jẹ́, ì báà ṣe àbúrò rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìmí lẹ́yìn nìkan ló lè wọlé. Bí ikọ̀ ìdóòlà kò bá sí ní ọgbà lọ́jọ́ náà, a kì í fúnni ní ìwé aláwọ̀ ewé.

7. Ọ̀rọ̀ tí a ń fọwọ́ sí

*Ọ̀gá ṣífìtì:* “Mo ti fi ojú ara mi rí ibi iṣẹ́ yìí. A ti tú páìpù rẹ̀, a ti ti mọ́tò rẹ̀ pa, a sì ti wọn gáàsì níṣojú mi. Mo fún wọn láyè láti wọ táǹkì ìdọ̀tí kẹta, kí wọ́n sì jó ojú ibi tó ń jò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán.”

*Ẹni tó gbà á:* “Mo ti ka ìwé yìí sí etí gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Bí ohunkóhun bá yàtọ̀ sí ohun tí a kọ síbí, a ó jáde, n ó sì dá ìwé padà.”

*Nígbà tí iṣẹ́ bá parí:* “Gbogbo ènìyàn ti jáde, mo ti kà wọ́n. Irinṣẹ́ ti jáde. A ti ṣọ́ ibẹ̀ fún wákàtí kan, kò sí èéfín, irin ti tutù. Olúkúlùkù ti mú àgádágodo rẹ̀. Mo dá ìwé pupa àti ìwé aláwọ̀ ewé padà.”