Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ àti Ìwé Ìtàn Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Òpópónà Mọ́rẹ̀mí,
Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
9 Oṣù Kẹta, 2026.

Alábòójútó Àgbà,
Ilé Ìtọ́jú Àwọn Àgbàlagbà,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

ÌBÉÈRÈ FÚN IṢẸ́ NỌ́Ọ̀SÌ

Mo fi ìwé yìí béèrè fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ kéde. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹ ṣe ní kí a ṣe é, nítorí àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí ó wà lọ́dọ̀ yín. Ti Gẹ̀ẹ́sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìlànà Bìrìtéènì kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ máa wá kó nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó gbà kí ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè fúnra rẹ̀. Èmi ni mo rí ìkéde yín, kò sí aṣojú kankan láàárín wa.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, àwọn arúgbó tí àtọ̀gbẹ ti dá egbò sí lẹ́sẹ̀ ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń di egbò fún. Àgbàlagbà wa tí ara ń ni kì í tètè sọ ọ́. Bí a bá bi í pé ṣé ó ń dùn ún, "a dúpẹ́" ni yóò wí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i tán, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò bí mo ṣe ń tú báńdéèjì, mo sì ń ka ìlùkìkì ọkàn rẹ̀, kí n tó kọ ohunkóhun nípa ìrora sínú fáìlì. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé bá mú sábà máa ń padà sí èdè tí ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Èdè yẹn ni mo fi ń tọ́jú aláìsàn.

N kò tíì ṣiṣẹ́ ní ilé àgbàlagbà rí, n kò sì tíì ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe, èyí tí a ń ṣe ní Bìrìtéènì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àdùnní Ògúnbíyìí

ÌWÉ ÌTÀN IṢẸ́

Ẹ̀kọ́: Mo gba oyè ìmọ̀ nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 2022, lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ìwé àṣẹ: Ìgbìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà fún mi ní ìwé àṣẹ ní 2023. Ọdún méjì tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé ẹni fún òkè òkun ti pé.

Iṣẹ́: Ní 2023 sí 2024, mo ṣe ọdún ìkọ́ṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ti iṣẹ́ abẹ àti ti pàjáwìrì. Ní 2024 sí 2025, mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, tí mo sì ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ìdánwò: Mo ti yege nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ti ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì Bìrìtéènì. Nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo gba 7.5 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, mo sì gba 6.5 nínú kíkọ.

Ẹlẹ́rìí: Nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù mi ní Ìbàdàn àti olùkọ́ mi kan ní Ilé-Ifẹ̀ ti gbà láti jẹ́rìí mi, orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù mi wà nínú fọ́ọ̀mù tí mo fi ránṣẹ́.