Ìròyìn Dókítà Lórí Bóyá Ojú Awakọ̀ Kan Ṣì Gba Ọkọ̀ Wíwà

Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ojú, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2025
Nọ́ńbà fáìlì: 0472/25

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ọkọ̀ wíwà,
Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Baba awakọ̀ tí mò ń kọ̀wé yìí lé lórí jẹ́ ẹni ọdún 61, iṣẹ́ ọkọ̀ akérò láti Kútọ̀ sí Ṣàgámù sì ni wọ́n ń ṣe. Orúkọ àti àwòrán wọn wà lára fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbà ní ọ́fíìsì yín, èyí tí mo ti lu òǹtẹ̀ tí mo sì fi mọ́ ìwé yìí. Wọ́n bọwọ́ lùwé pé kí n fi ohun tí mo rí nípa ojú wọn ránṣẹ́ sí yín. Ìyẹn nìkan ni mo kọ síbí; ohun tó kù nínú fáìlì wọn kò kan ọkọ̀ wíwà, kò sì sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Mo yẹ ojú wọn wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 11 oṣù yìí, nítorí n kò fẹ́ fi àyẹ̀wò ọjọ́ kan ṣoṣo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Ojú ọ̀tún wọn ń ríran dé ìwọ̀n 6/60, ìyẹn ni pé ohun tí ojú tó dá ṣáká ń rí láti mítà 60, àfi kí wọ́n sún mọ́ ọn dé mítà 6 kí wọ́n tó rí i. Awò ojú kò ràn án lọ́wọ́, nítorí kataráàtì ti sọ dígí tó wà nínú ẹyinjú náà di funfun. Ojú òsì jẹ́ 6/18 láìlo awò, ó sì di 6/12 pẹ̀lú awò tuntun tí a ṣe fún wọn. Wọ́n mọ àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé láìsí wàhálà.

Bó bá jẹ́ ti pátákó lẹ́tà nìkan ni, ọ̀rọ̀ ojú òsì yẹn ì bá má le. Ìríran ẹ̀gbẹ́ ló kó ìdààmú bá mi. Nígbà tí mo ní kí wọ́n tẹjú mọ́ imú mi, tí mo sì ń mú ìka mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ òsì wọn, ìka náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú wọn kí wọ́n tó sọ pé, "Mo rí i báyìí." Ẹ̀rọ tó ń wọn ìríran ẹ̀gbẹ́ sọ ohun kan náà lọ́jọ́ méjèèjì: nígbà tí ojú méjèèjì là sílẹ̀, wọn kò rí ohunkóhun tó bá kọjá bí ìwọ̀n 40 dígírì sí apá òsì, bẹ́ẹ̀ ojú tó dá ṣáká ń rí tó bí 90. Glọkóòmà ló ba iṣan tó ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ìtọ́jú lè dá a dúró níbi tó dé, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kì í padà.

Apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí lọ́dọ̀ wa, apá òsì náà sì ni ọkọ̀ àti ọ̀kadà tó bá fẹ́ kọjá ń gbà. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò lè dí àlàfo yìí, torí ẹni tí kò rí nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó wo dígí. Àwọn fúnra wọn tún jẹ́wọ́ pé iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ máa ń gba ojú wọn pátápátá lóru, àti pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọ́n ti fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀. Mo yìn wọ́n fún òtítọ́ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà kà á sí ìwà rere fún wọn.

Lójú tèmi, wọn kò yẹ fún ọkọ̀ akérò mọ́, n kò sì retí pé iṣẹ́ abẹ kankan yóò yí èyí padà. Ní ti ọkọ̀ ara wọn, wọn kò yẹ báyìí, lọ́sàn-án tàbí lóru. Wọ́n ti gbà kí a ṣe iṣẹ́ abẹ kataráàtì fún ojú ọ̀tún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí a bá ti ṣe é, n ó tún wọn ojú méjèèjì pọ̀, n ó sì kọ ìwé mìíràn sí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé yìí nìkan tún ìwé àṣẹ wọn ṣe kí ìyẹn tó dé ọwọ́ yín.

Mo ti ka gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí sí wọn létí lójú ọmọ wọn obìnrin, mo sì ti fún wọn ní ẹ̀dà kan.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Dókítà Ojú Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ojú, Abẹ́òkúta.