Ẹ̀bẹ̀ àfikún àkókò fún orí kẹrin àpilẹ̀kọ mi

Kétu, 14 oṣù kẹwàá

Ọ̀jọ̀gbọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àárẹ̀ àwọn ìwé tí ẹ ń yẹ̀ wò. Mo fi ìwé yìí bẹ̀ yín pé kí ẹ fún mi di 11 oṣù kejìlá láti fi orí kẹrin, tó ń fi ẹ̀ka èdè Kétu wé ti Ọ̀họ̀rí, ránṣẹ́, dípò 30 oṣù kẹwàá tí a jọ fẹnu kò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mò ń tọrọ. Ọ̀họ̀rí ni iṣẹ́ há sí. Gbígba ohùn ní ìlú Kétu ti parí.

Ẹni 12 tí a là kalẹ̀ fún Kétu ti pé, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìdajì wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìdajì kò tíì pé ogójì. Nínú wákàtí mẹ́jọ ohùn yẹn, mo ti kọ mẹ́fà sínú ELAN pẹ̀lú àmì ohùn. Ní Ọ̀họ̀rí, ẹni 5 ni mo rí gbà nínú 12, mẹ́ta péré ló sì ṣeé lò fún wíwọn ohùn.

Ìwé àṣẹ tí àwọn baálẹ̀ ń béèrè kí àlejò tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ọjọ́ 16 ló lò kí òǹtẹ̀ tó bà á. Ìgbà tó fi máa jáde, òjò kejì ti wọlé. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí: amọ̀ dúdú tí kì í tètè fa omi mu. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i fún ọjọ́ méjì, ṣe ni yóò máa lẹ̀ mọ́ táyà alùpùpù títí táyà kò fi ní yí mọ́, àwọn tó ń fi alùpùpù gbéèyàn kì í sì í gbà láti kọjá ibi tí ọ̀nà tó le parí. Àwọn àgbà tí mo nílò jù lọ, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wà.

Méjì tó bàjẹ́ nínú márùn-ún, abẹ́ páànù ni mo ti gbà wọ́n. Òjò dé láàárín ọ̀rọ̀. Etí ṣì ń gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ariwo páànù ti já ìlà ohùn tí Praat ń fà sí wẹ́wẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè fi ya ohùn àárín kúrò lára ohùn ìsàlẹ̀. Mo lè lò wọ́n fún àtòjọ ọ̀rọ̀ àti ìyísódì; fún ìwọ̀n ohùn, màá tún wọn gbà. Abẹ́ ilé koríko ni màá ti gbà wọ́n lọ́tẹ̀ yìí, láàárọ̀, nínú WAV, kí míkírò má jìn sẹ́nu ju ìbú ọwọ́ kan lọ.

Mo lè kọ orí yìí lórí ohun tó wà nílẹ̀ kí n má yẹ ọjọ́, àmọ́ mi ò rò pé ẹ ó gbà á. Ẹni 3 sí 12 kì í ṣe àfiwé: bí ẹnì kan ṣe ń sọ̀rọ̀ yóò kàn dà bí ẹ̀ka èdè. Èyí tó tún burú ni pé ojú ọ̀nà ni gbogbo àwọn mẹ́ta ń gbé, ọjà Pobẹ̀ ni wọ́n ń ná, ọ̀rọ̀ wọn sì ti lú mọ́ ti ará ìta.

Wákàtí kan ohùn ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ láti kọ sílẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù ní Kétu àti ti àwọn mẹ́ta tó dára yóò parí kó tó di 9 oṣù kọkànlá. Láti 10 sí 15, nígbà tí òjò á ti máa dín kù, màá gba ti àwọn 9 tó kù, méjì lóòjọ́. Ìyẹn jẹ́ wákàtí mẹ́fà ohùn, iṣẹ́ wákàtí 48. Bí mo bá ń fi wákàtí mẹ́fà sí i lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Ọ̀sẹ̀ kan fún wíwọn ohùn, ìyókù fún kíkọ.

Abala 4.1 àti 4.2, tí kò dúró de Ọ̀họ̀rí, yóò ṣì tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní 30 oṣù kẹwàá. Ọjọ́ tí màá fi orí karùn-ún ránṣẹ́ kò yí padà.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pọ̀ jù, ọ̀nà kejì ni kí a yọ ìwọ̀n ohùn Ọ̀họ̀rí kúrò, kí àfiwé dúró lórí ọ̀rọ̀ àti ìyísódì nìkan. A ó ní láti tún àkọlé orí náà ṣe nígbà náà. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mò ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá lè dá mi lóhùn kó tó di 20 oṣù yìí, mo máa rí àyè gbé fọ́ọ̀mù àfikún àkókò wá sí Àjàṣẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i. Mo so àtòjọ àwọn tí mo ti gba ohùn wọn àti ohùn kan tí òjò bà jẹ́ mọ́ ìwé yìí, kí ẹ lè fetí ara yín gbọ́ ọ.

Ẹ ṣeun, mà.

Akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Bọ̀sẹ̀dé