Sí Àwọn Òǹkọ̀wé Ìdìpọ̀ Kẹsàn-án: Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Tún Ìwé Ìtọ́kasí Yín Tò

Ọ́fíìsì Olóòtú,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àwọn tí wọ́n yẹ iṣẹ́ yín wò ti fọwọ́ sí gbogbo àpilẹ̀kọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá tí yóò wọ ìdìpọ̀ kẹsàn-án jọ́nà wa, inú wa sì dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n a kò tíì lè kó wọn lọ sí ilé ìtẹ̀wé, nítorí pé àtòjọ ìwé ìtọ́kasí tí ó wà lẹ́yìn wọn kò bá ìlànà tí a fi síta mu. A ń bẹ̀ yín kí ẹ tún un tò ní ìlànà APA, àtẹ̀jáde keje, kí ẹ sì dá a padà, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá. Àwọn àṣìṣe tí a rí jù lọ ni a kọ sísàlẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó ṣí fáìlì yín.

Èyí tí ó pọ̀ jù ni pé ohun tí ó wà nínú àpilẹ̀kọ kò bá ohun tí ó wà nínú àtòjọ dọ́gba. Ẹlòmíràn á tọ́ka sí òǹkọ̀wé kan ní ojú ìwé kẹta, a ó sì wá orúkọ náà títí nínú àtòjọ, a kò ní rí i. Ẹlòmíràn á to ìwé rẹpẹtẹ tí kò fẹnu kàn rárá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ẹ bá tọ́ka sí gbọ́dọ̀ wà nínú àtòjọ, ẹni tí ẹ kò bá sì tọ́ka sí, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bákan náà, bí ó bá jẹ́ inú ìwé ẹlòmíràn ni ẹ ti ka ọ̀rọ̀ kan, ìwé tí ojú yín rí gan-an ni kí ẹ tò, kí ẹ sì sọ nínú àpilẹ̀kọ pé ibẹ̀ ni ẹ ti bá a pàdé. A wá àwọn ìwé kan bí wọ́n ṣe wà nínú àtòjọ, a kò rí wọn níbi kankan, ó sì dà bí ẹni pé ọwọ́ kan ni ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ òmíràn láìsí ẹni tí ó ṣí wọn wò. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ kọ́mà àti àmì ìdánudúró, nítorí pé òǹkàwé tí ó bá fẹ́ yẹ ẹ̀rí yín wò kò ní rí ọ̀nà gbà.

Lórí orúkọ, orúkọ ìdílé ni kí ó ṣáájú, kí lẹ́tà àkọ́kọ́ àwọn orúkọ yòókù sì tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n, Olóyè, Ọmọwé tàbí Àlùfáà mọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àtòjọ. A mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ó ṣòro láti dá orúkọ àgbà pè lásán, àmọ́ àìfi oyè síwájú níbí kì í ṣe àrífín. Bí orúkọ ṣe wà lára èèpo ìwé náà ni kí ẹ kọ ọ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, ẹ má bá wọn fi sí i.

Lórí ọdún, ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí wọ́n ti tún tẹ̀. Ìwé Fágúnwà àkọ́kọ́ jáde ní 1938, ọ̀pọ̀ yín sì kọ 1938, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ojú ìwé tí ẹ fà yọ jẹ́ ti àtẹ̀jáde tí ó dé lẹ́yìn náà. Bí ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ yín bá jẹ́ ti 1950, ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
Fágúnwà, D. O. (1950). Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀.
    Nelson. (Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́, 1938)
```

Nínú àpilẹ̀kọ, yóò di (Fágúnwà, 1938/1950). Ẹ kíyè sí i pé a kò kọ ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé náà, nítorí pé àtẹ̀jáde keje ti yọ ìyẹn kúrò. Ìlú Èkó àti Ìbàdàn tí ó kún inú àtòjọ yín ni kí ẹ pa rẹ́. Àkọlé ìwé ni kí ẹ fi lẹ́tà dídagẹ̀rẹ̀ kọ. Fún àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, orúkọ jọ́nà àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ ni ó ń dagẹ̀rẹ̀, àkọlé àpilẹ̀kọ kọ́. Bí ó bá ní DOI, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti `https://doi.org/`, ẹ má sì fi àmì ìdánudúró sí ìparí rẹ̀.

Ti àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé àti ti oyè ẹ̀kọ́ kejì gba ìtọ́jú lọ́tọ̀. Orúkọ tí yunifásítì ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ náà wọlé ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nílé ẹ̀kọ́ gíga wa níbí ní 2005 jẹ́ ti Yunifásítì Adó-Èkìtì, nítorí pé 2011 ni ó tó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Èyí tí wọ́n sì ṣe nílé Ifẹ̀ ní 1980 jẹ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀, nítorí pé 1987 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Awólọ́wọ̀.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àwọn abẹ́nà ìmọ̀. Ìlànà APA ní kí ọ̀rọ̀ ẹnu má wọ inú àtòjọ ìwé ìtọ́kasí, a sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n jọ́nà wa ń fẹ́ àtòjọ abẹ́nà ìmọ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ yín ni kò sì ṣe é. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó dá lórí àlámọ̀, ẹsẹ orin gígùn mẹ́rin ni òǹkọ̀wé gbà lẹ́nu ìyá àgbà kan, gbogbo ohun tí ó sì kọ nípa ìyá náà ni «abẹ́nà ìmọ̀, Ìkọ́lé». Ẹni tí ó kọ ìwé nípa àlámọ̀ ní orúkọ, ọdún àti ojú ìwé. Ẹni tí ó ni ohùn kò ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ìlú àti àdúgbò, àti ọjọ́ tí ẹ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bí ẹni náà bá ní òun kò fẹ́ kí orúkọ òun jáde, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní kedere, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ti yẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni ó sọ, ẹ jẹ́ kí ó hàn, kí ẹ má sì tún un kọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò láìsọ fún òǹkàwé.

Ti ètò lẹ́tà kò gùn. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ni a ń tẹ̀ lé: Ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn E, Ọ lẹ́yìn O, Ṣ lẹ́yìn S, orúkọ tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gb kò gbọdọ̀ ṣáájú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gi. Kọ̀ǹpútà kì í sábà mọ èyí, nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi tò ó. Ẹ tún wo àwọn lẹ́tà tí ó bàjẹ́ nígbà tí ẹ ṣe àdàkọ láti inú fáìlì àtijọ́, nínú àtòjọ kan, Bámgbóṣé ti di «Bámgbó?é», ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì rí i. Fọ́ǹtì Yunikóòdù ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí òǹkọ̀wé ìwé kan bá pé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ pẹ̀lú «àti àwọn yòókù» ti tó nínú àpilẹ̀kọ. Nínú àtòjọ, ẹ kọ gbogbo wọn títí dé ogún.

Ẹ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ní fáìlì `.docx`, ẹ má ṣe fi PDF ránṣẹ́, kí ẹ sì fi àwọ̀ ofeefee kun ibi tí ẹ bá ti yí ọdún tàbí orúkọ padà, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Ẹni tí ibì kan bá rú lójú kí ó kọ̀wé sí wa kí ọjọ́ tó pé; a ó dáhùn. Àpilẹ̀kọ tí kò bá dé ní ọjọ́ tí a dá yìí yóò dúró de ìdìpọ̀ kẹwàá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olóòtú Àgbà