Sífíì Mọ́rẹ́nikẹ́

Èsì kì í pẹ́ dé. Nígbà mìíràn, Mọ́rẹ́nikẹ́ kò tíì kúrò lójú ìwé tó ti fi fáìlì ránṣẹ́ tí fóònù rẹ̀ yóò fi dún: "A dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé sí wa. Ó ṣeni láàánú pé..." Kò jẹ́ ka ìyókù mọ́. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ rẹ̀, àdírẹ́sì tó ti wá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `no-reply`, tí èèyàn kò lè fèsì sí. Èyí tó ká a lára jù ni ti ilé iṣẹ́ kan tó dá a lóhùn láago méjì òru ọjọ́ Àìkú. Ta ló jókòó sí ọ́fíìsì lóru ọjọ́ Àìkú, tó ń yẹ sífíì ọmọ ọlọ́mọ wò?

HND ìṣirò owó ló gbà ní Póli Moshood Abíọ́lá, l'Ójéèrè. Ó ṣe àgùnbánirọ̀ tirẹ̀ ní Kwara, ó sì padà wá sí Abẹ́òkúta. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìtòkú, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló ń lọ láràárọ̀, kó má baà jókòó lásán sílé.

Kí Mọ́rẹ́nikẹ́ tó dé, orí Ìyá Ìtòkú ni ìwé gbèsè rẹ̀, àfi àwọn tó bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí òjò bá fẹ́ wọlé, gbèsè ẹlòmíràn a parẹ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ ló ṣí Excel fún un. Ó ya ẹlẹ́kọ sọ́tọ̀, ó ya oníko sọ́tọ̀, ó ya kàǹpálà sọ́tọ̀, ó kọ iye ọ̀pá tó wà nílẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ojú ìwé fún àwọn oníbàárà Èkó tó ń kó ọjà àwìn, ọjọ́ tí wọ́n kó o àti ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí. Ó ní ti kọ́sítíìkì àti háídírò tí wọ́n fi ń rẹ aró, nítorí ibẹ̀ ni owó ń bá lọ tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Lálaalẹ́ ni yóò fi owó inú àpótí wé owó tó wọ báńkì. Ìgbà kan wà tí wọn ò bára mu, ó sì wá a títí ó fi rí i pé oníbàárà kan fi àwòrán owó tí kò san ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìyá Ìtòkú pe obìnrin náà lójú gbogbo ọjà. Kò sẹ́ni tó tún dán irú ẹ̀ wò.

Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa gbogbo èyí nínú sífíì rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ẹbí nìyẹn lójú tirẹ̀; ẹni tó bá ń wáṣẹ́ kì í fi ọjà kún un.

Ṣùgbọ́n sífíì náà lẹ́wà! Ó gba àpẹẹrẹ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: òpó méjì, àwọ̀ búlúù lápá òsì, fọ́tò rẹ̀ nínú òbìrípo, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì lókè téńté pẹ̀lú àmì kéékèèké. Ìmọ̀ Excel rẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ló fi hàn án.

Bísọ́lá, tí wọ́n jọ ka ìwé, tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ ní Ìkẹjà, ló fi ohùn ránṣẹ́ sí i. "Kẹ́kẹ́, kò tíì sí èèyàn tó rí i. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń kà á. Ṣí fáìlì yẹn, tẹ Ctrl+A, tẹ Ctrl+C, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú Notepad. Ohun tó o bá rí níbẹ̀, nǹkan tí òun náà ń rí nìyẹn, tàbí kó burú jù ú lọ."

Ó ṣe é ní káfé kan ní Pánṣẹ́kẹ́, nítorí iná ti lọ nílé. Ohun tó rí kó ìtìjú bá a. Òpó méjèèjì ti wọnú ara wọn: "Ìṣirò owó" lẹ̀ mọ́ "Mo fẹ́ràn orin", ọdún tó jáde nílé ìwé bọ́ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti sìnrú ìlú. Ìràwọ̀ kankan kò sí. Nọ́ńbà fóònù kò sí rárá! Bísọ́lá ní ohun tí èèyàn bá kọ sínú hẹ́dà, ìyẹn àyè tó dá dúró lókè ojú ìwé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà kì í wò ó.

Ó pa gbogbo búlúù náà rẹ́. Òpó kan, lẹ́tà dúdú, orúkọ àti nọ́ńbà nínú ìwé gangan. Ó gbé ìpolówó iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ṣàgámù síwájú, ó sì ń kà á bí ẹni ń ka ìdánwò. Ínfẹ́ńtìrì. Gbèsè oníbàárà. Fífi àkọsílẹ̀ wé ti báńkì. Ó dúró. Ó tún un kà.

Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ pé: "Mo ń ran ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́wọ́." Ó pa á rẹ́. Ó wá kọ ọ́ báyìí: "Olùtọ́jú àkọsílẹ̀ owó àti ọjà, ilé ìtajà àdìrẹ, Ìtòkú. Mo ń tọ́jú ínfẹ́ńtìrì lórí Excel. Mo ń tọpa gbèsè àwọn oníbàárà. Mo ń fi owó ọwọ́ wé àkọsílẹ̀ báńkì lójoojúmọ́." Kò sí irọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń já.

Ọmọkùnrin tó ń bójú tó káfé yọjú láti ẹ̀yìn. "Àǹtí, ẹ da gbogbo ìpolówó yẹn sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà funfun kọ ọ́. Ojú èèyàn ò ní rí i, ẹ̀rọ á rí i." Ó dán an wò. Ó dà á sínú Notepad: gbogbo ọ̀rọ̀ funfun náà jáde ní dúdú kirikiri, títí kan "Ẹni tó bá ní ìrírí ọdún márùn-ún nìkan ni kó kọ̀wé". Òun àti ọmọkùnrin náà wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Ó yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìtòkú ní kó ka ohun tó kọ nípa ṣọ́ọ̀bù òun sí òun létí. Ó gbọ́ ọ tán.

"O ò dárúkọ àwọn tó jẹ mí lówó níbẹ̀?"

"Rárá o, mà."

"Ó dáa. Fi nọ́ńbà mi sí i. Tí wọ́n bá ní irọ́ lò ń pa, kí wọ́n pè mí."

Ímeèlì "ó ṣeni láàánú" kò dáwọ́ dúró. Ilé iṣẹ́ míì tó tún fi sífíì tuntun náà ránṣẹ́ sí dá a lóhùn kíákíá bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì bínú sùn. Ti ọ̀nà Ṣàgámù dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà kan tí èrò kún ṣọ́ọ̀bù, fóònù Ìyá Ìtòkú dún. Ọkùnrin kan ni, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní òun ń pè nípa Mọ́rẹ́nikẹ́. Ìyá Ìtòkú ju aṣọ tó ń ká sílẹ̀, ó tẹ fóònù kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lóòótọ́ ló ń bá yín ṣe ìṣirò owó?"

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀tàn kan tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, òun ló wú u síta. Ẹ máa bi mí léèrè."

Ó béèrè, ìyá sì ń dáhùn, Mọ́rẹ́nikẹ́ sì ń fọwọ́ bẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn pé kó má sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tí ọkùnrin náà fẹ́ dúpẹ́ kó gbé fóònù sílẹ̀, Ìyá Ìtòkú ní ó kù díẹ̀.

"Ẹ ti bi mí léèrè tiyín tán. Èló lẹ fẹ́ máa san fọ́mọ mi? Torí ẹni tí mo máa gbà sípò ẹ̀, owó ni màá fi gbà á."