Àwọn 60 tí kò padà wá: ọ̀rọ̀ lórí àlàfo inú dátà wa

Ẹ̀yin ará mi nínú iṣẹ́ ìwádìí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní Kétu, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní ìpàdé wa ní Àjàṣẹ́, púpọ̀ nínú yín ní ká yọ gbogbo ẹni tí máàkì PHQ-9 rẹ̀, ìwọ̀n bí ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe le tó, kò sí fún oṣù kejìlá lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ kúrò, ká ṣírò ìyókù. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà.

Ènìyàn 200 la kọ́kọ́ forúkọ wọn sílẹ̀. Àárẹ̀ 100 nínú wọn kò le níbẹ̀rẹ̀: 90 padà wá, ìpíndọ́gba máàkì wọn sì jẹ́ 6. Ti 100 yòókù le: 50 péré la rí, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 13. Bí a bá lo àwọn tí ìwé wọn pé nìkan:

(90×6 + 50×13) / 140 = 8.5

Ìròyìn ayọ̀ ni 8.5, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá pọ̀ jù nínú ìṣirò náà, torí ẹni tí kò lágbára àtidìde lórí ẹní kò ní gun alùpùpù wá sọ́dọ̀ wa. Ká ní àìwá wọn kò bá nǹkan kan tan ni, bí ìgbà tí òjò ba ìwé díẹ̀ jẹ́, ọ̀nà yìí ì bá tọ́.

Ọ̀nà kejì ni ká dí àlàfo lọ́pọ̀ ìgbà. A ó wo máàkì ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí àti jíjìnnà ilé sí wa, a ó fi wọ́n fojú díwọ̀n máàkì tó sọnù, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí iye tí a fi dí i má bàa jẹ́ ọ̀kan náà:

```
library(mice)
imp <- mice(ketu, m = 5, seed = 11)
fit <- with(imp, lm(phq12 ~ 1))
summary(pool(fit))
```

Ìpíndọ́gba márààrún ni 9.3, 9.7, 9.4, 9.8 àti 9.3. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ fi 5 pín in: 9.5. Ìlànà Rubin (1987) ló sọ bí a ṣe ń ka àìdájú rẹ̀. Àìdájú inú ìṣirò kọ̀ọ̀kan, W, jẹ́ 0.16; ìyàtọ̀ àárín márààrún, B, jẹ́ 0.055:

T = W + (1 + 1/m)B = 0.16 + 1.2×0.055 = 0.226

Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 0.48. Ti ọ̀nà àkọ́kọ́ náà súnmọ́ 0.47, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé dídí àlàfo ń fún wa ní ìdánilójú lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó túbọ̀ súnmọ́ òótọ́ ló gbé wa dé.

Síbẹ̀, ọ̀nà yìí gbà pé ohun tí a mọ̀ nípa ènìyàn tó láti ṣàlàyé àìwá rẹ̀. Bóyá kò tó. Bí máàkì àwọn 60 náà bá fi 2 ju èyí tí a fojú díwọ̀n lọ, ìpíndọ́gba yóò di 10.1, ó ti kọjá 10 tí a fi ń mọ ẹni tó nílò ìtọ́jú síwájú sí i. Ẹ jẹ́ ká tẹ iye méjèèjì, 9.5 àti 10.1, jáde, kí a sì rán ènìyàn lọ bá àwọn ẹbí àwọn 60 náà ní abúlé wọn kó tó di pé a fi ìwé ránṣẹ́.